Síláìdì kan, ọ̀rọ̀ kan

Ẹ̀yin akẹgbẹ́ mi, ẹ jẹ́ ká yéé da ìjábọ̀ ìwádìí sójú síláìdì bí ẹni da àgbàdo fún adìẹ.

Ká ní láti Ìjurìn la ti lọ wọn ooru omi Ìkógòsì. Nínú ìjábọ̀, àtẹ gbọ̀ọ̀rọ̀ kan ló wà lábẹ́ àkọlé "Àbájáde". Ẹ má gbé àtẹ yẹn lọ sí àpérò. Ẹ kọ gbólóhùn kan sókè síláìdì: "Bí omi gbígbóná ti ń jìnnà sí orísun, bẹ́ẹ̀ ló ń tutù." Kí gíráàfù kan ṣoṣo tó fi í hàn wà lábẹ́ rẹ̀. Ọ̀nà tí Michael Alley ti Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Pẹnsilféníà ń polongo nìyẹn: gbólóhùn lókè, ẹ̀rí nísàlẹ̀. Ibi tí omi tútù ti pàdé rẹ̀, síláìdì mìíràn ni, torí ọ̀rọ̀ mìíràn ni. Àtẹ náà, ẹ fi í sẹ́yìn síláìdì ìkẹyìn de ẹni tó bá béèrè.

Àwọn kan á ní ó ṣófo jù. N ò gbà. Ẹni tó ń kàwé lójú ògiri kò lè máa gbọ́ yín.

Kẹ́ ẹ tó lọ, ẹ ka àwọn àkọlé nìkan tẹ̀léra. Bí ìtàn náà bá já níbì kan, síláìdì ibẹ̀ ń sọ ọ̀rọ̀ méjì, tàbí kò sọ ìkankan.