“Ẹ Má” Tàbí “Ẹ Máa”: Àṣìṣe Tí Ìlà Pupa Kì Í Rí

Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé bí ìlà pupa kò bá ti sí lábẹ́ ọ̀rọ̀ tí wọ́n tẹ̀ sórí fóònù, ọ̀rọ̀ náà tọ̀nà nìyẹn. Irọ́ ni, irọ́ náà sì léwu.

Àkójọ ọ̀rọ̀ ni ẹ̀rọ tó ń yẹ àkọtọ́ wò gbójú lé. Ọ̀rọ̀ tí kò bá sí nínú àkójọ náà ni ó ń fa ìlà sí nídìí. Bí ẹnì kan bá fẹ́ kọ “from” lédè Gẹ̀ẹ́sì, tí ìka rẹ̀ tẹ “o” ṣáájú “r”, “form” ni yóò jáde. Ọ̀rọ̀ gidi nìyẹn náà, nítorí náà ẹ̀rọ yóò dákẹ́. Bí ó bá tilẹ̀ tẹ “frmo”, tí àṣìṣe hàn gbangba, ẹ̀rọ tó ń tún ọ̀rọ̀ kọ fúnra rẹ̀ lè sọ ọ́ di “form”. Àṣìṣe tí ojú ìbá rí ti fara pamọ́.

Ní èdè Yorùbá, ewu náà pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí pé ọ̀rọ̀ wa kúrú. Ẹ mú “b”, kí ẹ fi fáwẹ̀lì tẹ̀ lé e: bá, bẹ̀, bí, bò, bọ́, bù. Kò sí èyí tí kì í ṣe ọ̀rọ̀ nínú wọn. Ìka tó bá yẹ̀ kúrò lórí ọ̀kan, orí òmíràn ni yóò bọ́ sí.

Èyí tó ń bà mí lẹ́rù jù lọ ni “máa” àti “má”. Ká ní nọ́ọ̀sì kan fẹ́ kọ ọ́ ránṣẹ́ sí ìyá ọmọ pé, “Ẹ máa fún un ní oògùn náà.” Bí “a” kan bá jábọ́, ohun tí ìyá yóò kà ni, “Ẹ má fún un ní oògùn náà.” Lẹ́tà kan ṣoṣo ló sọnù, àṣẹ sì ti di èèwọ̀.

Lóòótọ́, àwọn ẹ̀rọ kan máa ń wo àwọn ọ̀rọ̀ tó yí ọ̀rọ̀ kan ká, wọ́n sì lè tipa bẹ́ẹ̀ mú “form” tó jókòó sáyè “from”. Ṣùgbọ́n gbólóhùn nọ́ọ̀sì yìí gún régé lọ́nà méjèèjì. Ẹni tó kọ ọ́ nìkan ló mọ èyí tó wà lọ́kàn rẹ̀.

Nítorí náà, lójú tèmi, ọ̀nà àbáyọ wà lọ́wọ́ òǹkọ̀wé, kò sí lọ́wọ́ ẹ̀rọ. Bí ọ̀rọ̀ bá kan oògùn tàbí owó, ẹ jẹ́ kí a yan gbólóhùn tí lẹ́tà kan kò lè dojú rẹ̀ dé. Bí a bá ń pàṣẹ, kí a yọ “máa” kúrò pátápátá: “Ẹ fún un ní oògùn yìí lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́.” Bí a bá ń kìlọ̀, kí a kọ ọ́ pé: “Ẹ kò gbọdọ̀ fún un.” Lẹ́yìn náà, kí a ka ohun tí a kọ sókè kí a tó fi ránṣẹ́. Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá bọ́, fífọ́ ló ń fọ́.