Ẹrẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ wò, kì í ṣe igi máńgúróòfù

Bí wọ́n bá fún mi ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré láti bá àwọn ọ̀dọ́ Ìsàlẹ̀ Èkó sọ̀rọ̀ lórí bí máńgúróòfù ṣe ń tọ́jú kábọ́ọ̀nù, mi ò ní fi igi bẹ̀rẹ̀. Igi ni gbogbo èèyàn máa ń fi bẹ̀rẹ̀, ibẹ̀ sì ni ọ̀rọ̀ ti ń wọ́. Inú ẹrẹ̀ tó wà lábẹ́ igi náà ni èyí tó pọ̀ jù nínú kábọ́ọ̀nù wà.

Máńgúróòfù ni igi tó máa ń hù nínú irà etí ọ̀sà, tí gbòǹgbò rẹ̀ na ẹsẹ̀ sínú omi bí alákàn. Ní Ìsàlẹ̀ Èkó lónìí, kọnkéré ló dojú kọ omi, àmọ́ díẹ̀ ṣì kù létí ọ̀sà lẹ́yìn Yunifásítì Èkó ní Akọka. Tí ewé bá já bọ́ sílẹ̀ nínú ọgbà yín, á jẹrà láàárín oṣù díẹ̀, kábọ́ọ̀nù inú rẹ̀ á sì padà sínú afẹ́fẹ́. Nínú irà, omi ti bo ẹrẹ̀, ọ́síjìn ò ráyè wọlé, àwọn kòkòrò tíntìntín tó ń mú nǹkan jẹrà ò sì lè ṣiṣẹ́ dáadáa. Ewé àti gbòǹgbò lè wà níbẹ̀ fún ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún. Òórùn ẹyin tó ti bàjẹ́ tí ẹ máa ń gbọ́ tí ẹ bá tẹ ẹrẹ̀ yẹn, àmì pé ọ́síjìn ò sí níbẹ̀ ni.

Báwo la ṣe ń mọ iye rẹ̀? Wọ́n á ti irin oníhò bọ inú ẹrẹ̀, wọ́n á bu díẹ̀díẹ̀ lókè, láàárín àti nísàlẹ̀, wọ́n á sì gbẹ ẹ́ nínú ààrò títí ìwọ̀n rẹ̀ ò fi ní dín kù mọ́, kí wọ́n tó wọn kábọ́ọ̀nù inú rẹ̀. Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò kan, àpẹẹrẹ ni o. Ẹ mú ẹrẹ̀ tó jẹ́ mítà kan níbùú, mítà kan lóròó, tó sì jìn tó mítà kan. Ká ní ó wọn kílò 500 lẹ́yìn tó gbẹ, tí ìdá 8 nínú 100 rẹ̀ sì jẹ́ kábọ́ọ̀nù. Kílò 40 nìyẹn. Tí gbogbo rẹ̀ bá bọ́ sínú afẹ́fẹ́, ó tó èéfín tí nǹkan bíi lítà 64 epo bẹntiróòlù máa tú jáde nínú jẹnẹrétọ̀ yín. Ibi tí kò ju ẹní kékeré kan lọ nìyẹn o!

Ìgbà tí wọ́n bá wú ẹrẹ̀ náà síta ni wàhálà dé. Oòrùn á gbẹ ẹ́, ọ́síjìn á wọlé, jíjẹrà tó ti dúró látọjọ́ yìí á bẹ̀rẹ̀. Ẹ óò rí omi tó ń ṣàn jáde lára òkìtì rẹ̀ tó pupa bí irin tó dógùn-ún, torí pé ẹrẹ̀ náà ti ń di ásíìdì. Tó bá jẹ́ pé yanrìn ni wọ́n kàn dà lé e lórí láì wú u, kábọ́ọ̀nù ìsàlẹ̀ lè ṣì wà níbẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, ṣùgbọ́n igi tó ń fi kún un ti kú.

“A máa gbin òmíràn.” Ọ̀rọ̀ yìí máa ń bí mi nínú. Igi lè dàgbà láàárín ogún ọdún lóòótọ́. Ṣùgbọ́n bí ẹrẹ̀ bá ń ga ní mílímítà 4 lọ́dún, mítà kan á gba 250 ọdún. Ẹ ka ìyẹn sẹ́yìn: ó ju ìgbà tí wọ́n gba Èkó lọ́wọ́ Ọba Dòsùnmú ní 1861 lọ fíìfíì.

Ẹnìkan á bi mí nípa ẹ̀fọn. Ìbéèrè gidi ni. Gómìnà William MacGregor, tó ṣàkóso Èkó láti 1899 sí 1904, dókítà ni. Òun ló gbẹ́ kánààlì tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ láàárín Erékùṣù Èkó àti Ìkòyí kí omi irà lè ṣàn lọ, torí ibà ń pa èèyàn. Mi ò lè bá a jà. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń da yanrìn sínú ọ̀sà lónìí, ilé tí wọ́n fẹ́ tà ni wọ́n ń wò, kì í ṣe ibà.

Mi ò ní purọ́ fún wọn pé máńgúróòfù á gbé gbogbo èéfín Èkó mì. Nígbà òjò, omi ọ̀sà wa kì í fi bẹ́ẹ̀ níyọ̀, ẹrẹ̀ sì lè máa tú gáàsì mítéènì jáde, èyí tó ń mú ayé gbóná ju èéfín lásán lọ. Ó yẹ ká yọ ìyẹn kúrò nínú ìṣirò. Ohun tí mo fẹ́ ò le: kí ìjọba tó fọwọ́ sí i pé kí wọ́n gbẹ́ irà kankan, kí ẹni tó fẹ́ gbẹ́ ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ bí ẹrẹ̀ ibẹ̀ ṣe jìn tó, iye kábọ́ọ̀nù tó wà nínú rẹ̀, àti ibi tó máa da ẹrẹ̀ náà sí.