Ojú Nìkan Kò Tó Jẹ́rìí

Bí fóònù bá sọnù nínú ilé gbígbé akẹ́kọ̀ọ́, kì í pẹ́ tí ẹnìkan yóò fi nàka sí ọmọkùnrin kan pé, "Òun ni, mo mọ̀ ọ́n lójú." Bí ẹlòmíràn bá tún ti sọ bẹ́ẹ̀, ẹjọ́ ti parí nìyẹn, ó ku ìgbájú. Àwa kò fara mọ́ ọn. A kò ní ẹni tó nàka ń parọ́ o. Ohun tí a ń wí ni pé ènìyàn máa ń jọ ènìyàn, àti pé olóòótọ́ mẹ́wàá lè rí ojú kan náà kí gbogbo wọn sì ṣì í mọ̀.

Ẹ jẹ́ ká wo ọ̀rọ̀ Adolf Beck. Ọkùnrin kan wà ní Lọ́ńdọ̀nù nígbà náà tó ń pe ara rẹ̀ ní ọlọ́lá. Yóò sọ fún obìnrin pé kó wá máa bójú tó ilé òun, yóò fún un ní ṣẹ́ẹ̀kì tí kò lówó nínú pé kó fi ra aṣọ, yóò wá gba òrùka àti aago rẹ̀ lọ. Ó di àwátì. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1895, ọ̀kan nínú àwọn obìnrin náà rí Beck, ará Nọ́wè, lójú títì, ó sì fi ọlọ́pàá mú un. Àwọn obìnrin mìíràn wá, wọ́n ní òun náà ni. Ọlọ́pàá kan tó ti fẹ̀yìntì tilẹ̀ búra pé òun ni John Smith tí òun mú fún irú jìbìtì yìí ní 1877. Ní 1896, ilé-ẹjọ́ rán Beck lọ sẹ́wọ̀n ọdún méje.

Bẹ́ẹ̀, Gúúsù Amẹ́ríkà ni Beck wà ní 1877. Ìwé ọgbà ẹ̀wọ̀n sì sọ pé Smith ti kọlà. Nígbà tí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò ní 1898, wọ́n rí i pé Beck kò kọlà. Nọ́ńbà ẹ̀wọ̀n rẹ̀ ni wọ́n yí padà, wọn kò dá a sílẹ̀! Lẹ́yìn tó jáde, wọ́n tún mú un ní 1904, àwọn obìnrin tún nàka sí i, wọ́n sì tún dá a lẹ́bi. Ibi tó ti ń dúró de ìdájọ́ ní àtìmọ́lé ni ọwọ́ ti tẹ ẹlòmíràn níta tó fẹ́ fi òrùka àwọn obìnrin dógò. Smith gan-an nìyẹn. Ìjọba dárí ji Beck, wọ́n fún un ní £5,000, ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì wà lára ohun tó mú kí wọ́n dá ilé-ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn fún ẹ̀sùn ọ̀daràn sílẹ̀ ní 1907.

Ẹ̀kọ́ tí a rí kọ́ ni pé àwọn obìnrin yẹn kò pọ̀ tó bí ilé-ẹjọ́ ṣe rò. Ohun kan náà ló ṣi gbogbo wọn lọ́nà, ìyẹn ìjọra. Nítorí náà, ẹ̀rí kan ṣoṣo ni ẹ̀rí wọn. Àmì ara kan ṣoṣo ló borí gbogbo wọn.

Ìjọra àdámọ́ nìyẹn. Èyí tí a fọwọ́ ṣe tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní ìpínlẹ̀ Ohio ní Amẹ́ríkà, ní 2010, òyìnbó kan fi ìbòjú rọ́bà sílíkónì ṣe ara rẹ̀ bí aláwọ̀ dúdú, ó ń ja báǹkì lólè. Ọlọ́pàá mú aláwọ̀ dúdú kan tí kò mọwọ́mẹsẹ̀. Òṣìṣẹ́ báǹkì tó ju ẹyọ kan lọ nàka sí i, ìyá ọkùnrin náà pàápàá sì wo fọ́tò olè yẹn, ó rò pé ọmọ òun ni. Bí ìyá tó bí ọmọ bá lè ṣì í mọ̀ nínú fọ́tò, kí ni ẹni tó rí olè fún ìṣẹ́jú kan péré nínú òkùnkùn fẹ́ sọ?

Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jùlọ ilẹ̀ wa ti la ọ̀nà kan sílẹ̀ ní 1989: bí ẹni tí wọ́n ṣe ní ibi kò bá mọ afurasí náà rí, tó jẹ́ pé fìrí ló rí i, tí kò sì ráyè wò ó dáadáa, ó yẹ kí wọ́n to afurasí mọ́ àwọn ẹlòmíràn kó wá mú un jáde. A fara mọ́ ọn, ṣùgbọ́n àwọn tí wọ́n bá tò gbọ́dọ̀ jọ bí ẹlẹ́rìí ṣe ṣàpèjúwe olè, kí wọ́n sì sọ fún un pé olè náà lè má sí níbẹ̀. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹni tó jọ olè jù níbẹ̀ ni yóò mú.

Nínú ọgbà wa ńkọ́? Kí a tó mú ẹnikẹ́ni, kí ẹni tó rí olè kọ́kọ́ sọ bó ṣe rí, bí iná ṣe mọ́lẹ̀ tó, bí ó ṣe jìnnà sí i tó. Lẹ́yìn náà, ká wá ohun tí ìjọra àti àtíkè kò lè yí padà: àpá, ìka tó gé, ibi tí ẹni náà wà ní wákàtí yẹn. Bí a kò bá rí nǹkan kan, ká fi ọmọ ọlọ́mọ sílẹ̀.