Ẹ Yé Pè Wọ́n Ní Asẹ́

Ní kíláàsì ìtumọ̀ láìpẹ́ yìí, olùkọ́ wa gbé iṣẹ́ kan fún wa nípa ẹ̀rọ méjì tí àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá fi ń tún èéfín wọn ṣe kó tó jáde. Ọ̀pọ̀ nínú wa pe méjèèjì ní "asẹ́ èéfín", a sì rò pé a ti ṣe bẹbẹ. Nígbà tí a wá lóye bí wọ́n ṣe ń ṣiṣẹ́, ojú tì wá díẹ̀. Kò sí èyí tó ń sẹ́ nǹkan kan nínú méjèèjì. Lójú tiwa, orúkọ yẹn ń fi ọ̀rọ̀ pamọ́ fún ẹni tí ilé rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé-iṣẹ́.

Èéfín tó ń jáde níbi tí wọ́n ti ń jó èédú kì í ṣe ohun kan ṣoṣo. Eérú lẹ́búlẹ́bú wà nínú rẹ̀, gáàsì imí ọjọ́ náà sì wà níbẹ̀. Ohun tó ń mú ọ̀kan kì í sábà mú èkejì.

Afinámúeruku ni a sọ ẹ̀rọ àkọ́kọ́. Nínú rẹ̀, páànù irin gbọọrọ wà lóròó bí aṣọ tí wọ́n sá, wáyà sì wà láàárín wọn. Wọ́n á rán iná òdì tó lè tó 40,000 fóòtì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ sínú wáyà náà. Iná yìí á bọ́ sínú afẹ́fẹ́ tó yí wáyà ká, á lẹ̀ mọ́ eruku tó ń kọjá, páànù á sì fa eruku náà mọ́ra, bí òòyà tí a fi ya irun gbígbẹ ṣe ń fa bébà wẹ́wẹ́. Láti ìgbà dé ìgbà, òòlù á gbá páànù, eruku á já bọ́ sínú àrọ ńlá tó wà nísàlẹ̀.

Ibi tó dùn mọ́ wa jù nìyí. Ẹ̀rọ náà máa ń ní yàrá bíi mẹ́ta tó tẹ̀lé ara wọn. Ẹ jẹ́ ká ní yàrá kọ̀ọ̀kan ń mú ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún eruku tó bá wọlé. Bí 1,000 kílò bá wọ yàrá kìíní, 200 ló máa kù, yàrá kejì á sọ ọ́ di 40, yàrá kẹta á sọ ọ́ di 8. Wọ́n á ní àwọn ń mú 99 nínú ọgọ́rùn-ún, òótọ́ sì ni. Bí yàrá kan péré bá wá kú, 40 kílò ló ń jáde dípò 8, ìlọ́po márùn-ún gbáko, síbẹ̀ wọ́n ṣì lè ní àwọn ń mú 96. Létí, 99 àti 96 ò jìnnà síra wọn. Lára aṣọ tí a sá, wọ́n jìnnà.

Kí ló ń pa yàrá? Nígbà mìíràn wọn ò kó àrọ náà títí eruku fi kún tó kan wáyà, tàbí kí wáyà já kó fara ti páànù. Lójú míta, fóòtì á já wálẹ̀ bírí, iná á sì máa ṣòfò. Nítorí náà, ìbéèrè tó yẹ ká bi ilé-iṣẹ́ ni pé: yàrá mélòó ló ń ṣiṣẹ́ lónìí?

Kódà bí gbogbo yàrá bá pé, gáàsì imí ọjọ́ á kọjá láàárín páànù bí ẹni tí wọn ò rí. Afomifọèéfín ló kàn án. Wọ́n á máa wọ́n omi sórí èéfín, gáàsì á yòrò sínú omi, omi á kan, wọ́n á sì fi ẹfun pa kíkan rẹ̀. Omi lè mú eruku náà, àmọ́ eruku tó kúnná gan-an ń fẹ́ kí wọ́n fi agbára púpọ̀ ti èéfín gba inú omi náà, owó ńlá sì ni.

Ilé-iṣẹ́ amúnáwá Bátásì ní Lọ́ńdọ̀nù, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1933, lo omi odò Tẹ́ḿsì àti ẹfun báyìí. Ó mú èyí tó ju 90 lọ nínú ọgọ́rùn-ún gáàsì náà. Ṣùgbọ́n omi ti mú èéfín yẹn tutù, kò lè gòkè dáadáa mọ́, ìyókù ń wálẹ̀ sí àdúgbò. Omi tí wọ́n fi fọ̀ ọ́ sì padà sínú odò. (Ooru omi ló pọ̀ jù nínú èéfín funfun tó ń jáde níbi tí wọ́n ti ń fi omi fọ̀ ọ́. Fífunfun rẹ̀ nìkan kọ́ ni ká fi dẹ́bi fún wọn.) Ẹni tó bá gbọ́ "afomifọèéfín" á béèrè ibi tí omi náà lọ. Ẹni tó gbọ́ "asẹ́" kò ní béèrè.

Olùkọ́ wa ní orúkọ wa ti gùn jù. A ní kí wọ́n bá wa wá èyí tó kúrú. A ṣì ń retí.