Iṣẹ́ Wo Ni Ẹ̀rọ Yóò Kọ́kọ́ Gbà Lọ́wọ́ Akọ̀wé Owó?

Àwọn tó ń pariwo pé ẹ̀rọ ń bọ̀ wá gbaṣẹ́ lọ́wọ́ akọ̀wé owó ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé iṣẹ́ kan ṣoṣo ni wọ́n ń ṣe. Ká mú alágbàtà sìmẹ́ǹtì kan n'Íbàdàn. Akọ̀wé rẹ̀ ń tẹ iye tó wà lórí ìwé owó ọjà sínú kọ̀ǹpútà, ó ń fi àkọsílẹ̀ báńkì wé tirẹ̀, ó ń sin gbèsè, bí oṣù bá sì parí, ó ń lọ ka àpò ní ilé ìkẹ́rùsí.

Títẹ iye ni yóò kọ́kọ́ lọ. Ó tilẹ̀ ti ń lọ: ẹ̀rọ tó ń ka ìwé láti inú fọ́tò ti wà, àfi ìwé àfọwọ́kọ tí 1 jọ 7 ló ṣì ń dà á láàmú.

Fífi báńkì wé ìwé ló tẹ̀ lé e. Ó le lójú ènìyàn, àmọ́ ó ní òfin. Lábẹ́ ìlànà Báńkì Àpapọ̀ tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2020, bí oníbàárà bá fi káàdì san 80,000 náírà, 79,600 ni yóò wọlé fún ọlọ́jà. Bó bá san 300,000, 299,000 ni, torí pé ìdajì náírà ni wọ́n ń yọ lórí ọgọ́rùn-ún, kò sì gbọdọ̀ kọjá 1,000. Ẹni tó bá jókòó ti irú èyí fún ọgọ́rùn-ún ọjà yóò pẹ́ níbẹ̀. Ẹ̀rọ kò ní pẹ́.

Ìdí gbèsè ni nǹkan ti yí padà. Oníbàárà kan ra ọjà lẹ́ẹ̀mẹta: 180,000, 270,000 àti 200,000. Lẹ́yìn náà ó fi 450,000 ránṣẹ́. Ẹ̀rọ rí i pé àwọn méjì àkọ́kọ́ pé 450,000 géérégé, ó pa wọ́n rẹ́, ó ní 200,000 ló kù. Ìṣirò náà pé. Ṣùgbọ́n oníbàárà ti dá ọjà 180,000 padà nítorí pé omi wọ̀ ọ́, ìwé ìdápadà sì wà lápò aṣọ ẹni tó ń ṣọ́ ilé ìkẹ́rùsí. 20,000 péré ló jẹ. Lẹ́tà gbèsè 200,000 ni yóò bá a nílé, ariwo rẹ̀ ni ọ́fíìsì yóò sì fi mọ̀ pé nǹkan wọ́. Kò sí ohun tí ẹ̀rọ ṣì ṣe. Kò kàn lè rí ohun tí kò wọ inú ìwé ni.

Àpò kíkà yóò pẹ́ jù lọ, torí ó gba kí ènìyàn dúró níbẹ̀, kó ya èyí tó ti le bí òkúta sọ́tọ̀.

Ohun tó ń kọ mí lóminú ni pé ọmọ tó ń tẹ iye ni ọ̀gá yóò kọ́kọ́ yọ, bẹ́ẹ̀ ìdí títẹ iye ni ó ti ń kọ́ bí ọjà ṣe ń rìn, tó fi ń mọ ẹni tí yóò pè lórí fóònù kí lẹ́tà gbèsè tó jáde. Àwọn àgbà akọ̀wé tó ti mọ èyí náà ń dàgbà lọ, n kò sì tíì rí ọ́fíìsì tó ṣètò ibòmíràn tí ọmọdé yóò ti kọ́ ọ.