Àmì Lásán Kò Tó Ra Ìpín

Ẹ kọ "igba" sílẹ̀ láìfi àmì ohùn sí i. Ṣé igbá ni, àbí ìgbà, àbí ìgbá tí à ń jẹ? Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni àwọn lẹ́tà kúkurú tí wọ́n fi ń dá ilé-iṣẹ́ mọ̀ ní ọjà ìpín ìdókòwò ṣe rí. Bí ẹ kò bá mọ ọjà tí wọ́n ti ń tà á àti irú ìpín tó jẹ́, ẹ lè ra ohun tí ẹ kò ní lọ́kàn.

Nígbà tí àrùn Kòrónà sé ayé mọ́lé ní 2020, ọ̀pọ̀ ènìyàn fẹ́ ra ìpín nínú Zoom tí a fi ń ṣe ìpàdé. Àwọn kan wá ZOOM, wọ́n rí i, wọ́n sì rà á. Àṣé Zoom Technologies ló ni àmì yẹn, ilé-iṣẹ́ kékeré mìíràn tí kò kéde ìròyìn kankan fáráyé láti 2015. Iye rẹ̀ ń fò sókè lórí orúkọ olórúkọ. Ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹta, àjọ tó ń ṣọ́ ọjà ìpín ní Amẹ́ríkà dá títà rẹ̀ dúró fúngbà díẹ̀. Zoom tí wọ́n ń wá wà ní ọjà Nasdaq, ZM sì ni àmì tirẹ̀.

Àwọn kan á ní àìmọ̀kan ló pa wọ́n. Èmi ò gbà. Ibi tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ni kò dáa: àmì ni wọ́n kọ́kọ́ wá, dípò ìwé ilé-iṣẹ́ náà.

Fún ilé-iṣẹ́ Amẹ́ríkà, ẹ lọ sí EDGAR lórí sec.gov, kí ẹ tẹ orúkọ ilé-iṣẹ́ náà ní kíkún. Ẹ ṣí ìwé ọdọọdún tí wọ́n ń pè ní 10-K. Ní ojú ìwé àkọ́kọ́, tábìlì kékeré kan wà níbẹ̀ tó sọ irú ìpín, àmì, àti ọjà. Ti Zoom sọ pé Class A ni ZM. Class B kò sí níbẹ̀, torí wọn kì í tà á lọ́jà, bẹ́ẹ̀ Class B kan ní ìbò mẹ́wàá, Class A kan sì ní ẹyọ kan péré. Ẹni tó ra ZM ní ìpín lóòótọ́, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ kéré.

Nílé níbí náà, àmì méjì lè jẹ́ ti ilé-iṣẹ́ kan ṣoṣo. Airtel Africa ń jẹ́ AIRTELAFRI ní ọjà Èkó, ó ń jẹ́ AAF ní Lọ́ńdọ̀nù. Náírà ni wọ́n fi ń ka iye rẹ̀ níbí, pẹ́ńsì ni lọ́hùn-ún. Ẹni tó bá fi nọ́ńbà méjèèjì wéra láìwo owó tí wọ́n fi kà á, ó ti ṣìnà nìyẹn.

Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá ní kí ẹ ra ìpín kan, ẹ ní kó kọ ọ́ tán: Nasdaq, ZM, Class A. Olùkọ́ wa kì í gba "igba" tí kò lámì. Kí ló dé tí a ó fi owó wa gbà á?