Ọ̀rọ̀ Rere Ní Í Yọ Obì Lápò

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò, ọ̀rọ̀ búburú ní í yọ ọfà lápó. Ohùn pẹ̀lẹ́ nìkan ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń gbọ́ nínú òwe yìí, wọn kì í bojú wo àpò náà. Bẹ́ẹ̀ obì ti wà níbẹ̀ kí àlejò tó la ẹnu. Ọ̀rọ̀ rere kò dá obì. Ó kàn mú kí olóbì fẹ́ nawọ́ sápò ni. Bí àpò bá ṣófo, ẹnu dídùn kò lè yọ nǹkan kan níbẹ̀.

Ibi tí òwe yìí ti ń ṣẹ lójú mi jù lásìkò yìí ni ọ̀rọ̀ owó oṣù. Ilé iṣẹ́ á fi lẹ́tà ránṣẹ́ pé àwọn ti gba ọmọ ẹni síṣẹ́, iye tó wà nínú rẹ̀ á sì kéré sí ohun tó ń retí. Àwọn kan á ní kó dákẹ́, kí wọ́n má baà gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn mìíràn á ní kó kọ̀wé gbígbóná sí wọn. Ìdúpẹ́ àti ìbéèrè lè jọ wà nínú ímeèlì kan ṣoṣo, bí ẹni tó ń kọ ọ́ bá mọ ohun tó wà nínú àpò.

Ẹ jẹ́ ká fojú inú wo akáǹtì kan l'Ékòó, ọmọbìnrin tó ti ṣiṣẹ́ fún ọdún mẹ́rin. Lẹ́tà ìgbanisíṣẹ́ rẹ̀ dé lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun: 5,400,000 náírà lọ́dún, kó sì fèsì kí ọjọ́ Ẹtì tó parí. Bó bá pín in sí oṣù méjìlá, 450,000 ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ni yóò wọ báńkì rẹ̀. Wọn yóò yọ owó orí. Wọn yóò tún yọ owó pẹ́ńṣọ̀n, tí òfin ọdún 2014 ní kí òṣìṣẹ́ san ìdá 8 nínú ọgọ́rùn-ún, kí agbanisíṣẹ́ sì fi ó kéré tán 10 kún un. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ti ń kọsẹ̀: wọ́n á béèrè 500,000, èyí tó ń wọ ọwọ́ ni wọ́n ní lọ́kàn, ẹ̀ka òṣìṣẹ́ á sì kà á sí owó tí wọn kò tíì yọ nǹkan kan nínú rẹ̀. Bí lẹ́tà bá sọ iye ọdún kan, iye ọdún kan ni kí ìbéèrè náà sọ, kí ó sì fi hàn pé kí wọ́n tó yọ ohunkóhun ni.

Ǹjẹ́ obì wà nínú àpò? Níṣẹ́ ọba, kò fi bẹ́ẹ̀ sí. Ìpele kọ̀ọ̀kan ti ní iye tirẹ̀ nínú ìwé, kò sí ímeèlì tó lè yí i padà. Bákan náà ni ti àwọn tí báńkì ń gbà pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà láti kọ́ wọn níṣẹ́, nítorí iye kan náà ni gbogbo wọn ń gbà. Ní ilé iṣẹ́ aládàáni tó ń wá ẹnì kan fún ipò kan, ó wọ́pọ̀ kí wọ́n ti fẹnu kò lórí iye tó kéré jù àti iye tó pọ̀ jù, kí iye àkọ́kọ́ tí wọ́n sì kọ má tíì dé òkè. Akáǹtì wa rí àmì kan sí i: ìpolówó iṣẹ́ náà gba ẹni tó ṣì ń ṣe ìdánwò ICAN láàyè, òun sì ti parí tirẹ̀. Àárín méjèèjì yìí ni obì rẹ̀ wà.

Ìgbà tí a ń béèrè náà ṣe pàtàkì. Kí lẹ́tà tó dé, wọn kò tíì yàn án. Lẹ́yìn tó bá ti fọwọ́ síwèé, ó ti gbà nìyẹn, ẹni tó bá padà wá ná ọjà tó ti sanwó rẹ̀ ń wá ìjà. Àárín ìgbà méjì yìí ni kó kọ̀wé. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ló máa fi kọ ọ́, ṣùgbọ́n ohun tó yẹ kó sọ nìyí:

"Ẹ kú iṣẹ́, Mà. Mo dúpẹ́ gan-an fún lẹ́tà tí mo rí gbà lánàá, àti fún àkókò tí ẹ̀yin àti ọ̀gá àwọn akáǹtì fi ṣàlàyé iṣẹ́ ẹ̀ka Ìbàdàn fún mi. Iṣẹ́ náà wù mí, mo sì fẹ́ bá yín ṣe é. Kí n tó fọwọ́ síwèé, mo fẹ́ béèrè bóyá ààyè wà láti gbé owó ọdún náà sí 6,300,000 náírà, kí ẹ tó yọ owó orí àti pẹ́ńṣọ̀n. Mo ti parí ìdánwò ICAN, èmi ni mo sì ń dá àwọn ọ́dítọ̀ lóhùn níbi tí mo wà báyìí, nítorí náà mo lè bẹ̀rẹ̀ apá yẹn láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni tún kọ́ mi. Bí ó bá rọ̀ yín lọ́rùn ká sọ ọ́ lórí fóònù, mo wà nílẹ̀ lọ́sàn-án ọ̀la. Ẹ ṣeun, Mà."

Ẹni tí a ń kọ̀wé sí yìí kọ́ ló ni àpò. Òṣìṣẹ́ bíi tiwa ni, yóò gbé ímeèlì náà lọ bá ọ̀gá tó ń fọwọ́ sí owó, gbólóhùn tó bá lè gbé débẹ̀ ló sì wúlò. Owó ilé tó gbówó lórí kò ṣeé gbé lọ, nítorí ilé gbówó lórí fún gbogbo ẹni tó wà lọ́fíìsì náà. Ìdánwò tó ti parí ṣeé gbé lọ. Ìdí nìyí tí "ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣàánú mi" kò fi yẹ níbẹ̀, bó ti wù kí a kọ́ wa ní ìkúnlẹ̀ tó. Àwàdà pẹ̀lú kò yẹ. Lọ́jà, a lè ná nǹkan ní ìdajì, kí ìyálọ́jà pòṣé, kó tún rẹ́rìn-ín. Ímeèlì kì í rẹ́rìn-ín, "ẹ fi ènì sí i" lè dà bí ìwọ̀sí.

Iye kan ṣoṣo ni akáǹtì wa kọ. Bó bá ní "láàárín 5,800,000 sí 6,300,000", èyí tó kéré ni wọn yóò dì mú. Iye tó béèrè kò sì tó ìdá kan nínú márùn-ún lórí tiwọn, ọ̀gá lè kà á láìjanpata. Ọfà ibẹ̀ ni "bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ibòmíràn ń dúró dè mí." Bí ibòmíràn bá wà lóòótọ́, kó sọ ọ́ ní ìdákẹ́jẹ́ẹ́, kó sì mọ̀ pé wọ́n lè ní kó fi lẹ́tà wọn hàn. Bí kò bá sí, kó má dárúkọ rẹ̀ rárá.

Ká ní wọ́n fèsì lọ́jọ́bọ̀: 5,880,000 ni agbára àwọn mọ, àwọn yóò sì tún un wò lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, bí wọ́n bá kọnfáàmù rẹ̀. Ìyẹn jẹ́ 490,000 lóṣù, àfikún 40,000, bí wọ́n bá sì ń fi iye kan nínú ọgọ́rùn-ún kún owó lọ́jọ́ iwájú, orí iye tuntun yìí ni wọn yóò ti máa ṣírò rẹ̀. Obì ti jáde. Bó bá tún kọ̀wé pé kí wọ́n sún un sí 6,000,000, ẹni tó gbé ọ̀rọ̀ rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ ọ̀gá ló ń dójú tì. Bí wọ́n bá ní kò sí àfikún kankan ńkọ́? Kó dúpẹ́ lẹ́ẹ̀kan sí i, kó gbà á tàbí kó kọ̀ ọ́ ní ìlà méjì, láìsí àròyé.

Akáǹtì wa kọ̀wé pé òun gba 5,880,000 náà, ó sì ní kí wọ́n fi lẹ́tà tuntun ránṣẹ́ kí òun tó fọwọ́ sí i. Nígbà tó dé, iye náà pé, ṣùgbọ́n kò sí ọ̀rọ̀ oṣù mẹ́fà níbẹ̀. Ó tún dá ímeèlì kúkúrú kan padà pé kí wọ́n jọ̀ọ́ fi ìlà yẹn sí i, nítorí ẹni tó ṣèlérí fún un lè ti kúrò nílé iṣẹ́ náà kí oṣù mẹ́fà tó pé.